Nígbà Tí Àfẹ́sọ́nà Bá Kọ̀wé Pé "Kí Á Fi Í Sílẹ̀ Ná"

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kò tóbi lójú, nítorí pé gbólóhùn mẹ́jọ péré ni, lórí fóònù. Ṣùgbọ́n gbólóhùn mẹ́jọ náà gba oorun lójú ọmọbìnrin kan fún ọjọ́ púpọ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí ó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lórí òfo.

Irú ọ̀rọ̀ báyìí máa ń kan àwa tí a wà ní ìdálẹ̀ ju àwọn tí ó wà nílé lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ni ó ń gbé níhìn-ín, ní Bọ́sò, ní Túngà tàbí ní Kpakungu, tí àfẹ́sọ́nà wọn sì wà ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo tàbí ní Èkó. Orí fóònù ni ìfẹ́ náà ń gbé. Bí àwọn méjèèjì bá wà ní ìlú kan náà, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá rú lójú yóò rìn dé ẹnu ọ̀nà ẹnì kejì, yóò wo ojú rẹ̀, yóò sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dúró kí wọ́n tó bu omi fún un mu. Ẹni tí ó wà ní Mínà kò ní ojú tí yóò wò. Ohun tí a tẹ̀ sórí fóònù nìkan ni ó ní.

Ọmọbìnrin tí a ń sọ yìí jẹ́ nọ́ọ̀sì. A ti yí àwọn ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi dá a mọ̀ padà, òun fúnra rẹ̀ sì ti fún wa láyè láti sọ ìyókù. Mínà ni wọ́n ti bí i, Ọ̀fà ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Ọkùnrin náà wà ní Ìbàdàn. Ọdún méjì ni wọ́n ti ń fẹ́ra, wọ́n sì ti ríra ní ojúkorojú bí ẹ̀ẹ̀mẹfà. Lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde, àwọn ẹbí ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Wọn kò tíì dá ọjọ́ ìdána, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà ti rí iṣẹ́ sí ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn, àwọn yẹn sì ní kí òun fún àwọn lésì kí oṣù kẹjọ tó parí. Ó ti kọ ìwé tí yóò fi fi iṣẹ́ ti Mínà sílẹ̀, ó ku kí ó fi í ránṣẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹjọ náà ni àtẹ̀jíṣẹ́ yìí wọlé:

"Kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ti ń ronú láti ọjọ́ tí a ti sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. O kò ṣẹ̀ mí, ènìyàn dáadáa ni ọ́. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ sí ọ̀rọ̀ wa yìí. Mo rò pé kí á fi í sílẹ̀ ná, kí oníkálùkù gbájú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Jọ̀wọ́ má bínú. Ohun tí Ọlọ́run bá fẹ́ ni yóò ṣẹ. Bá mi kí Màmá."

Ní ọjọ́ Sátidé ni ó mú un tọ̀ wá wá. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti fi han ẹni mẹ́ta, ó sì ti gba ìtumọ̀ mẹ́ta. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ náà kò tíì parí, ṣebí ó sọ pé "ná". Àbúrò ìyá rẹ̀ ní obìnrin mìíràn ti wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní kí ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ó lọ bá a lójijì. Òun fúnra rẹ̀ ti kọ èsì kan tí ó gùn tó ojú ìwé méjì, tí ó fi ń bẹ̀bẹ̀, tí ó sì tún fi ń bínú. Ọpẹ́ ni pé kò tíì fi í ránṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a rántí pé kì í ṣe òní ni àwọn baba wa ti ń fi ọ̀rọ̀ tí kò là sí gbangba ránṣẹ́. Wọ́n ní àrokò. Àlùfáà Gollmer, ọ̀kan nínú àwọn ajíhìnrere tí ó dé Àgbádárìgì ní ọdún 1845, ni ìwé tí ó kọ lórí àrokò jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1885. Nínú ètò àrokò, owó ẹyọ mẹ́fà lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́, nítorí pé ẹẹ́fà ni, ọkàn ẹni tí ó fi ránṣẹ́ sì ń fà sí ẹni tí ó rán an sí. Bí onítọ̀hún bá fi owó ẹyọ mẹ́jọ dá a lóhùn, ó ń wí pé ọ̀rọ̀ àwọn jọra nìyẹn. Owó ẹyọ méjì tí a so kojú síra jẹ́ ìrẹ́pọ̀. Bí a bá so wọ́n kẹ́yìn síra, ìyapa ni. Àwọn ènìyàn a máa rò pé àlọ́ ni àrokò, pé olúkúlùkù ń túmọ̀ rẹ̀ bí ó ti wù ú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó fi ránṣẹ́ àti ẹni tí ó gbà á ti mọ ìtumọ̀ kan náà tẹ́lẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ènìyàn ni ó gbé e wá. Bí ó bá rú ọ lójú, ìwọ yóò fi ìránṣẹ́ jókòó, ìwọ yóò bi í pé, "Báwo ni ojú rẹ̀ ti rí nígbà tí ó fún ọ?"

Àtẹ̀jíṣẹ́ kò ní ìránṣẹ́ tí a lè bi léèrè, kò sì sí ìtumọ̀ tí àwọn méjèèjì ti jọ fi ẹnu kò sí. Nítorí náà, ìwọ̀nba ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ wò fínnífínní. Bí a ti ṣe é nìyí.

A kọ́kọ́ mú ìwé kan, a ní kí ó da ọ̀rọ̀ náà kọ, kí ó sì pa àwọn gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni ìbá kọ rẹ́, yálà ó ń lọ tàbí ó ń dúró. "Kú ìrọ̀lẹ́" lọ. "Ènìyàn dáadáa ni ọ́" lọ, nítorí pé a máa ń sọ ọ́ fún ẹni tí a fẹ́ fẹ́, a sì máa ń sọ ọ́ fún ẹni tí a fẹ́ fi sílẹ̀. "Ohun tí Ọlọ́run bá fẹ́ ni yóò ṣẹ" náà lọ. Ìyẹn dùn ún, nítorí pé ibẹ̀ ni ó gbé ìrètí rẹ̀ kọ́ sí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò ṣèlérí ohunkóhun. Àlùfáà ni wá, a kò ní fojú kéré orúkọ Ọlọ́run, síbẹ̀ a mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ní ń fi orúkọ náà bo ohun tí ojú ń tì wá láti sọ.

Lẹ́yìn èyí, gbólóhùn mẹ́ta péré ni ó kù tí ó ní ìwúwo: "ọkàn mi kò balẹ̀ sí ọ̀rọ̀ wa yìí", "mo rò pé kí á fi í sílẹ̀ ná", àti "jọ̀wọ́ má bínú".

Ẹ wo "ná" yìí. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n òun ni gbogbo ẹjọ́ náà dá lé lórí. Bí a bá sọ fún ọmọdé pé "jẹun ná", ó mọ̀ pé ohun kan ń bọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, bóyá eré, bóyá iṣẹ́ ilé ìwé. "Ná" tòótọ́ máa ń ní ohun tí ó tẹ̀lé e. Bí ọkùnrin náà bá wí pé, "Kí á fi í sílẹ̀ ná títí n ó fi parí ẹ̀kọ́ tí mo ń kọ́", tàbí "títí a ó fi rí àbájáde àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀", "ná" náà ní òpin, a sì lè dúró dè é. Ṣùgbọ́n ohun tí ó fi tẹ̀lé e ni "kí oníkálùkù gbájú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀". Iṣẹ́ kì í parí. "Ná" tí kò ní òpin kì í ṣe ọ̀rọ̀ àkókò mọ́, epo ni a fi pa ọ̀rọ̀ kí ó má baà há ẹnìkejì lọ́fun.

Bákan náà ni "ọkàn mi kò balẹ̀". Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké kan wà nínú èdè wa tí ó yẹ kí a máa wò ju àwọn ọ̀rọ̀ ńlá lọ. Ẹni tí ó bá wí pé "ọkàn mi kò tíì balẹ̀" fi àyè sílẹ̀, nítorí pé "tíì" ń wo iwájú. Ẹni tí ó bá wí pé "ọkàn mi kò sí níbẹ̀ mọ́" ti ti ìlẹ̀kùn, nítorí pé ẹ̀yìn ni "mọ́" ń wò. Ọkùnrin wa yìí kò lo ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ó fi ọ̀rọ̀ náà sí àárín. Kò sì sọ ohun tí kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ẹ̀sùn tí kò ní orúkọ ni, kò sí bí a ó ti jẹ́jọ́ rẹ̀.

"Má bínú" ńkọ́? Ẹni tí ó ń dábàá kò ì tíì ní ohun tí yóò tọrọ àforíjì fún. Ẹni tí ó ti ṣe nǹkan tán ni ó ń bẹ̀bẹ̀. Ní ojú tiwa, gbólóhùn yìí wúwo ju "ná" lọ, àwọn tí ó fi han kò sì dárúkọ rẹ̀ rárá.

Ó ku ohun tí kò sí nínú àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Kò sí ìbéèrè kankan níbẹ̀. Kò bi í pé, "Kí ni o rí sí i?" Kò ní kí ó pe òun, kò dá ọjọ́, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni tí wọn yóò jọ lọ bá. Ẹni tí ó ṣì fẹ́ sọ̀rọ̀ máa ń fi ibì kan sílẹ̀ tí ẹnìkejì yóò ti wọlé, kódà nínú ìbínú. A tún bi í bí ọkùnrin náà ti ń kọ̀wé tẹ́lẹ̀, nítorí pé a kò lè ka àtẹ̀jíṣẹ́ kan láìmọ àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀. Ó ní ohùn ni ó máa ń gbà ránṣẹ́, kì í fẹ́ràn àtitẹ̀wé. Ó ní òun fúnra rẹ̀ ni ó máa ń pe Màmá ní ọjọ́ Àìkú. Ẹ rí i pé "bá mi kí Màmá", tí ó dà bí ìfẹ́ lójú ẹlòmíràn, yí padà níbí: ẹni tí ń pe Màmá fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìkíni rán ènìyàn.

Ní àwọn ọdún 1980, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Leslie Baxter ṣe ìwádìí lórí bí àwọn ènìyàn ti ń kúrò nínú ìfẹ́. Lára ọgbọ́n tí ó rí i pé wọ́n ń dá ni pé kí ẹnì kan wí pé òun kàn fẹ́ kí àwọn dẹ ọwọ́ díẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé òpin ni ó wà lọ́kàn rẹ̀. Kì í ṣe ìwà ìkà ni ó sábà ń fà á. Ojú ni ń tì wọ́n, wọn kò fẹ́ gbọ́ ẹkún. Àwa Yorùbá, tí a fi ìtìjú kọ́ láti kékeré, ó tilẹ̀ rọrùn fún wa láti ṣe bẹ́ẹ̀ ju àwọn ẹlòmíràn lọ.

Kí ẹ má baà rò pé ọ̀rọ̀ tútù nìkan ni a fura sí, ẹ gbọ́ èyí. Ọkùnrin kan tí ń ta ohun èlò ọkọ̀ níhìn-ín gba àtẹ̀jíṣẹ́ lọ́wọ́ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tí ó wà ní Ìlọrin: "Má fi ẹsẹ̀ kan ilé wa mọ́ títí o ó fi sọ fún mi ibi tí owó tí a jọ tọ́jú wà. Irọ́ ti sú mi." Ó sunkún dé ọ̀dọ̀ wa pé ó ti parí. A ní kí ó tún un kà. "Títí" wà níbẹ̀, ohun tí ó ń béèrè wà níbẹ̀, ẹ̀sùn náà sì ní orúkọ. Owó ni. Ọ̀rọ̀ tí ó gbóná yẹn ní ìlẹ̀kùn tí ó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó lọ sí Ìlọrin, ó jẹ́wọ́ pé òun fi owó náà ra ọjà tí kò tà, wọ́n sì jọ ṣe ìṣirò bí yóò ti dá a padà. Wọ́n ti ṣègbéyàwó báyìí. Ìbínú kọ́ ni a fi ń mọ̀ pé ìlẹ̀kùn tì. Ohun tí a ń wá ni pé ṣé ẹni náà sọ ohun tí a lè ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì wa. Èrò tiwa ni pé ọkùnrin náà ti ń lọ, a sì sọ fún un bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò sọ pé ó dá wa lójú pátápátá, nítorí pé àtẹ̀jíṣẹ́ ń tan ènìyàn jẹ ní ìhà méjèèjì. Ní ọdún 2005, Justin Kruger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn fi gbólóhùn kéékèèké ránṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, àwọn kan lọ́nà ẹ̀fẹ̀, àwọn kan tọkàntọkàn. Àwọn tí ó kọ̀wé rò pé nínú ọgọ́rùn-ún, 78 ni àwọn tí yóò kà á yóò mọ̀ dájú. Ohun tí wọ́n mọ̀ kò ju 56 lọ, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ohun tí ènìyàn lè fi orí-ire mọ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohùn, wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó kọ ọ́ ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú ohun tí ó kọ, ó rò pé ẹni tí ń kà á náà ń gbọ́ ọ. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí ọkùnrin yìí rò pé òun ti sọ ọ́ kedere pé ó parí. Ó sì tún ṣeé ṣe kí ó rò pé òun kàn dábàá ni.

Ní ti àwọn tí ẹbí ti mọra, a gbà pé ẹni tí a kọ irú èyí sí ní ẹ̀tọ́ sí ìbéèrè kan. Ọ̀kan ṣoṣo. A kò fẹ́ kí ó bi í pé "Kí ni mo ṣe?" tàbí "Kí ló dé?", nítorí pé ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ń bí ìdí, àríyànjiyàn ni ìdí sì ń bí. Bí ọkùnrin náà bá wí pé jíjìn ni, ọmọbìnrin náà yóò ní òun ń bọ̀ ní Ìbàdàn. Bí ó bá rí i pé a ti yanjú jíjìn, yóò ní ìyá òun ni. Nígbà tí ẹ bá yanjú ìdí kan tí òmíràn sì yọjú, ẹ mọ̀ pé aṣọ ni ìdí náà, kì í ṣe ara. A tún kọ̀ fún un láti lọ bá a lójijì. Ẹni tí a ká mọ́ ilé yóò sọ ohun tí yóò jẹ́ kí àlejò lọ ní àlàáfíà, kì í ṣe ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀.

Ohun tí ó kọ nìyí, lẹ́yìn tí a ti jọ gé e kù fún bí wákàtí kan:

"Mo rí ọ̀rọ̀ rẹ. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀: ṣé o ti pinnu pé kí á parí rẹ̀, àbí o fẹ́ kí á jókòó sọ̀rọ̀ kí o tó pinnu? Bí o bá ti pinnu, sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, n kò ní bá ọ jà. Bí o bá fẹ́ sọ̀rọ̀, mo lè pàdé rẹ ní Ìlọrin ní ọjọ́ Sátidé tí o bá yàn. Bí n kò bá gbọ́ èyí tí o fẹ́ kí ó tó di alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, n ó gbà pé o ti pinnu, n ó sì sọ fún Bàbá mi."

Àwọn kan lára yín yóò wí pé ó le jù. A gbà pé kò dùn bí oyin. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣe. Ó fún ọkùnrin náà ní ọ̀nà méjì, ó sì mú kí méjèèjì rọrùn fún un láti yàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sọ pé "ó parí" nítorí ìjà tí wọ́n rí níwájú, ìdí nìyẹn tí ó fi kọ́kọ́ ṣèlérí pé òun kò ní jà. Ìlọrin wà lójú ọ̀nà àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tí yóò wí pé òun ni a ní kí ó wá. Ọjọ́ tí ó dá sì jẹ́ nítorí ara rẹ̀, nítorí ìwé iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀ àti oṣù kẹjọ tí ń parí lọ. Bí kò bá dá ọjọ́, ìdákẹ́jẹ́ ọkùnrin náà kò ní ní ìtumọ̀ kankan, yóò sì máa wo fóònù títí di Kérésìmesì. Ọjọ́ Àìkú ni ó fi í ránṣẹ́, ó sì fún un ní ọjọ́ méjìlá gbáko.

Ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́, èsì dé: "Mo dúpẹ́ bí o ti sọ ọ́. Jẹ́ kí n ronú sí i ná." Ẹ rí i, "ná" tún padà dé. Inú ọmọbìnrin náà dùn, ó fẹ́ kọ̀wé pé kí ó má ṣe yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, kí ó ronú bí ó bá ti fẹ́. A ní rárá. Ẹni tí ó ní òun fẹ́ ronú ní ẹ̀tọ́ láti ronú, ọ̀sẹ̀ kan gbáko sì ṣì wà níwájú rẹ̀. Bí a bá tún ọjọ́ dá fún un láìjẹ́ pé ó béèrè, a ti kọ́ ọ pé ọjọ́ wa kì í ṣe ọjọ́. Kò dá a lóhùn. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kejì kọjá, fóònù kò dún.

Àyè kan wà tí a kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kí ó béèrè ohunkóhun. Bí ẹnìkejì bá ti kọ ọ́ pé "Má pè mí mọ́", ó ti tán, ìbéèrè kan náà ti di ìyọlẹ́nu. Bí ìlù bá wà nínú ìfẹ́ náà, tàbí ìhalẹ̀, kí ẹni tí ó jáde má ṣe padà lọ béèrè ìtumọ̀, kí ó sì jẹ́ kí ẹbí rẹ̀ gbọ́. A sì máa ń bá àwọn òbí pàdé tí wọ́n fẹ́ kí Ìjọ fi ipá mú ọkùnrin tí ó ti ṣe ìlérí. Ìjọ kò lè ṣe é. Òfin Ìjọ ti ọdún 1983, nínú kánọ́nù 1062, wí pé ìlérí ìgbéyàwó kò fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti pe ẹjọ́ kí a so ìgbéyàwó náà. Àdánù tí ìlérí náà bá fà ni a lè béèrè àtúnṣe fún, bí ó bá tọ́.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, ó sọ fún bàbá rẹ̀. Àbúrò bàbá rẹ̀ pe alárinà, nítorí pé ẹni tí ó mú ẹbí méjì mọra ni ó yẹ kí ó bi ẹbí kejì léèrè, kì í ṣe ọmọbìnrin náà. Ọjọ́ méjì ni alárinà fi rí òdodo ọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà ti sọ fún ìyá rẹ̀ láti oṣù keje pé òun kò ṣe mọ́. Kò sí obìnrin mìíràn tí ẹnikẹ́ni mọ̀ nípa rẹ̀. Kò kàn mọ bí yóò ti sọ ọ́ ni, àwọn ará ilé rẹ̀ náà sì ń retí pé kí ó sọ ọ́. Èso àti ohun mímu tí wọ́n gbé wá nígbà mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, gbogbo wa ti jẹ ẹ́, kò sí ohun tí a ó dá padà.

Ó kọ̀wé sí ilé ìwòsàn ti Ìbàdàn pé òun kò lè wá. Ìwé tí yóò fi fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ya á. Ní oṣù kẹwàá, àtẹ̀jíṣẹ́ mìíràn dé láti ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà: "Báwo ni iṣẹ́? Ó ti pẹ́." Ó tún mú un wá, ó sì bi wá bóyá ọ̀nà ni èyí. A bi í padà pé ṣé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó wò ó títí, ó ní rárá, ìkíni ni. Ó tẹ èsì níwájú wa: "Iṣẹ́ ń lọ dáadáa, a dúpẹ́." Ó fi fóònù sínú báàgì, ó sì lọ sí iṣẹ́ alẹ́.